Níbo ni 12 A náà wọlé sí? Tiransifọ́mà, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Nínú ìbéèrè físíìsì tí wọ́n fún wa ní SS3, tiransifọ́mà kan ń gba 240 V, ó sì ń tan gílóòbù 12 V, 36 W. Ìyípo wáyà 2000 ló wà lára kóìlì àkọ́kọ́, ìdènà wáyà rẹ̀ jẹ́ 20 Ω, 80% agbára tó wọlé ló ń jáde. Wọ́n ní ká wá ìyípo kóìlì kejì àti kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọlé. Mo fi 20 pín 240, mo rí 12 A, olùkọ́ wa fagi lé e. Ṣé òfin Óòmù kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Wọ́n tún bi wá pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá so kóìlì àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì 24 V. Ti jẹnẹrétọ̀ tún rú mi lójú: wọ́n ní ìgbà tí òòfà kankan kò gba inú kóìlì kọjá gan-an ni fólítéèjì rẹ̀ máa ń ga jù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo?*

Ọmọ mi, 12 A tí o rí yẹn kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ ni ó dáhùn. Ká ní 240 V tí kì í yí padà ni wọ́n so mọ́ kóìlì náà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ bátìrì tí a tò pọ̀ lè mú wá, 12 A gan-an ni ì bá máa ṣàn nínú rẹ̀. Ooru tó máa jáde ì bá jẹ́ 240 × 12, ìyẹn 2880 W, ó ju ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 1000 W méjì lọ, wáyà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ yóò sì jóná kí o tó rí ibi pa á. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni tiransifọ́mà inú ìbéèrè rẹ ń gba. Òfin Óòmù ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí o kò kà mọ́ ọn ni pé fólítéèjì kejì wà nínú kóìlì yẹn, tó ń bá 240 V wọ̀yá ìjà.

Jẹ́ kí n mú ọ padà síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1831, ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday wé wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, ó sì rí i dájú pé wáyà méjèèjì kò kan ara wọn. Ó gbé abẹ́rẹ́ òòfà sí tòsí wáyà kejì kí ó lè mọ̀ bí iná bá gba ibẹ̀ kọjá. Bó ṣe so wáyà àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ náà ta gìrì, ó mì, ó sì padà sáyè rẹ̀. Bátìrì ṣì wà níbẹ̀, iná ṣì ń ṣàn nínú wáyà àkọ́kọ́, irin náà ṣì jẹ́ òòfà, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ kò mira mọ́. Ìgbà tó já wáyà kúrò lára bátìrì ni abẹ́rẹ́ tún tó ta, ó sì ta sí òdìkejì lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe. Òòfà tó dúró sójú kan, bó ti wù kó lágbára tó, kì í bí fólítéèjì nínú kóìlì tó dúró. Ìgbà tí òòfà tó ń gba inú kóìlì kọjá bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù ni fólítéèjì máa ń jáde, bí ìyípadà náà bá sì ṣe yá tó ni fólítéèjì ṣe máa ga tó. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
E = −N × ΔΦ/Δt
```

Φ ni òòfà tó gba inú ìyípo wáyà kan kọjá, N ni iye ìyípo, ΔΦ/Δt sì ni bí òòfà náà ṣe ń yí padà tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmì ìyọkúrò iwájú yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú fò. Heinrich Lenz ló là á yé wa ní ọdún 1834: fólítéèjì tí ìyípadà òòfà bá bí máa ń tako ìyípadà tó bí i ni. Bí òòfà bá ń pọ̀ sí i, kọ́rẹ́ǹtì tuntun náà máa fẹ́ dín in kù. Bó bá ń dín kù, á fẹ́ mú un dúró. Àmì kékeré yìí ni kò jẹ́ kí 12 A rẹ ṣàn.

Wá wo kóìlì àkọ́kọ́ náà. Iná tí wọ́n ń fà wá sílé wa ní Nàìjíríà máa ń lọ máa ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni irin àárín tiransifọ́mà ń di òòfà sí apá kan, tó tún ń di òòfà sí òdìkejì. Òòfà tó ń yí padà yìí gba inú kóìlì kejì kọjá, ó sì bí fólítéèjì síbẹ̀. Èyí ni gbogbo ìwé máa ń sọ. Ṣùgbọ́n inú kóìlì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni òòfà yẹn kọ́kọ́ gbà! Kò sì ní ṣe ojúsàájú: ó bí fólítéèjì sínú ìyípo àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bó ti bí i sínú ìyípo kejì, èyí tó sì wà nínú kóìlì àkọ́kọ́ ń tako 240 V tó ń wọlé. Fólítéèjì alátakò ni èmi máa ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Nítorí pé òòfà kan náà ló ń gba inú gbogbo ìyípo kọjá, iye kan náà ni ìyípo kọ̀ọ̀kan máa ń gbà, ìbáà wà lápá àkọ́kọ́, ìbáà wà lápá kejì. Fi 2000 pín 240 V, o rí 0.12 V fún ìyípo kan. Gílóòbù ń fẹ́ 12 V. Ìyípo mélòó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní 0.12 V ló máa pé 12 V? Ọgọ́rùn-ún. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyípo 100. Ohun tí Vs/Vp = Ns/Np inú ìwé rẹ ń sọ náà nìyí, àmọ́ mo fẹ́ kí o máa ronú nípa fólítì tó kan ìyípo kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní yí ìṣirò náà dorí kodò láé.

Má ṣe fi 80% kan iye ìyípo o. Mo ti rí ìwé ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi 0.8 sọ 100 di 80, tí máàkì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí. Iye ìyípo ló ń pinnu fólítéèjì, àdánù agbára sì máa ń hàn nínú kọ́rẹ́ǹtì tó wọlé. Lóòótọ́, fólítéèjì tiransifọ́mà gidi máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí nǹkan bá wà lórí rẹ̀, àwọn tó ń wé e sì máa ń fi ìyípo díẹ̀ kún kóìlì kejì láti fi dí i, ṣùgbọ́n ìdánwò kò bi ọ́ nípa ìyẹn.

Ó wá ku kọ́rẹ́ǹtì. Apá ibi tí gílóòbù wà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pàṣẹ iye agbára tí wọ́n máa fà wọlé:

```
agbára tó jáde   = 36 W
agbára tó wọlé   = 36 ÷ 0.80 = 45 W
kọ́rẹ́ǹtì tó wọlé = 45 ÷ 240  = 0.1875 A, bíi 0.19 A
```

Gílóòbù náà ń gba 36 ÷ 12, ìyẹn 3 A. 3 A ń jáde, kò sì tó ìdá márùn-ún áńpíà kan tó ń wọlé! Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi 80% ṣe nǹkan kan máa kọ 0.15 A, ẹni tó bá fi 0.80 ṣe ìsọdipúpọ̀ dípò kó fi pín in máa kọ 0.12 A. Bí ìwọ fúnra rẹ ṣe lè mọ̀ pé o ti ṣì í ni pé kí o wò ó bóyá agbára tó wọlé ju èyí tó jáde lọ. Bí kò bá jù ú lọ, ìdáhùn náà kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Wá jẹ́ ká fi òfin Óòmù rẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. 0.1875 A tó ń gba inú 20 Ω kọjá ń fẹ́ 0.1875 × 20, ìyẹn 3.75 V péré. Nínú 240 V tó wọlé, kò tó 4 V tí ìdènà wáyà ń jẹ. Gbogbo ìyókù ni fólítéèjì alátakò dá dúró. Nítorí náà òfin Óòmù kò kú. Ìyókù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìjà fólítéèjì méjèèjì ló yẹ kí o fi 20 pín, kì í ṣe 240 V lódindi. (Nínú tiransifọ́mà gidi, fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ìyọkúrò yìí kò fi rọrùn tó bí mo ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà kò yàtọ̀.)

Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú èyí, bí mo tilẹ̀ ti ń kọ́ni láti ọdún pípẹ́. Kóìlì méjèèjì kò kan ara wọn. Báwo wá ni ti àkọ́kọ́ ṣe mọ̀ pé ẹnì kan ti tan gílóòbù lápá kejì? Òòfà ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Bí 3 A bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú kóìlì kejì, kọ́rẹ́ǹtì yẹn náà ń ṣe òòfà tirẹ̀, ó sì ń tako ti àkọ́kọ́, bí Lenz ṣe wí. Òòfà inú irin fẹ́ dín kù. Bó bá ti fẹ́ dín kù, fólítéèjì alátakò inú kóìlì àkọ́kọ́ náà á rọ díẹ̀, 240 V á rí àyè, kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọlé á sì ga títí òòfà fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Pa gílóòbù, gbogbo rẹ̀ á yí padà sẹ́yìn, á ku kìkì kọ́rẹ́ǹtì kékeré tó ń sọ irin di òòfà. Ìdí nìyí tí tiransifọ́mà tó wà lójú iná láìsí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná.

9 W tó sọnù láàárín 45 àti 36 ńkọ́? Apá kan rẹ̀ di ooru nínú wáyà. Ti kóìlì àkọ́kọ́ jẹ́ 0.1875² × 20, bíi 0.7 W. Ìyókù wà nínú wáyà kejì àti nínú irin. Irin náà ni mo fẹ́ kí o kíyè sí, torí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá fẹ́ràn láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò ó dípò odidi irin kan. Irin náà ń gbé iná. Òòfà tó ń yí padà nínú rẹ̀ kò mọ̀ bóyá wáyà ni tàbí irin: ó ń bí fólítéèjì sínú irin náà, kọ́rẹ́ǹtì á sì máa yí po nínú rẹ̀ lásán, á máa mú un gbóná. Bí a bá gé irin sí pẹlẹbẹ, tí a fi fáníìṣì pààlà sáàárín wọn, kọ́rẹ́ǹtì aláyìípo yìí kò ní rí ọ̀nà ńlá gbà mọ́.

Ó yá, ká lọ sí ti bátìrì 24 V. Ìgbà tí o bá ń so ó, kọ́rẹ́ǹtì ń gòkè, òòfà ń pọ̀ sí i, kóìlì kejì á sì ta díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ Faraday. Lẹ́yìn ìyẹn kọ́rẹ́ǹtì dúró, òòfà dúró, ΔΦ/Δt di òdo. Kóìlì kejì kò ní nǹkan kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kọ ni pé fólítéèjì alátakò náà ti di òdo. Kò sí ẹni tó ń bá bátìrì jà mọ́, àfi ìdènà wáyà nìkan. Ibí gan-an ni ìṣirò tí o ṣe níbẹ̀rẹ̀ ti wúlò:

```
I = 24 ÷ 20     = 1.2 A
P = 1.2² × 20   = 28.8 W
```

Ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítéèjì iná òpó ni 24 V, síbẹ̀ kọ́rẹ́ǹtì tó fà ju ìlọ́po mẹ́fà 0.1875 A lọ. Ooru inú wáyà, tó jẹ́ 0.7 W tẹ́lẹ̀, ti di ìlọ́po bíi 41. Kíkọ pé «gílóòbù kò ní tàn» nìkan kò tó. Kọ pé fólítéèjì kò jáde ní kóìlì kejì nítorí pé òòfà kò yí padà, kí o sì fi kún un pé kóìlì àkọ́kọ́ máa gbóná nítorí pé fólítéèjì alátakò kò sí.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Nílé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ kan so tiransifọ́mà kékeré mọ́ bátìrì ọkọ̀ nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò. Gbogbo wa rò pé kò ṣiṣẹ́ ni, torí dídákẹ́ ló dákẹ́. Òórùn fáníìṣì tó ń jóná ló kọ́kọ́ ta wá lólobó. Mo kábàámọ̀ pé n kò tètè fetí sí i, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àmì. Tiransifọ́mà tó wà lójú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń kùn, bí èyí tó wà ládùúgbò ṣe máa ń kùn bí wọ́n bá mú iná dé, torí òòfà ń fa irin rẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí bátìrì wà lórí rẹ̀ kì í kùn.

Ti jẹnẹrétọ̀ kò ní le mọ́ báyìí. Àṣìṣe kan náà ni: a ń wo iye òòfà nígbà tó yẹ ká wo bó ṣe ń yí padà. Mú àtẹ kan dání lábẹ́ òjò. Bí o bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, gbogbo òjò ló ń gbà. Bí o bá gbé e dúró lóòró, òjò kankan kò wọ inú rẹ̀. Kóìlì inú jẹnẹrétọ̀ ń yí láàárín òòfà bí ìgbà tí ẹnì kan ń yí àtẹ yẹn lábẹ́ òjò. Nígbà tó bá wà ní pẹrẹsẹ, bó tilẹ̀ yí díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, òjò tó ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wà lóòró, yíyí díẹ̀ báyìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kété ṣáájú ìyẹn, ojú kejì ló ń gbà á. Ibẹ̀ ni ìyípadà ti yá jù, ibẹ̀ ni fólítéèjì ti ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòfà tó wà nínú kóìlì lásìkò yẹn jẹ́ òdo.

Ká ní kóìlì náà ní ìyípo 200, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.02 m², tí òòfà jẹ́ 0.1 T, tó sì ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan:

```
ω  = 2π × 50 = 314 rad/s
E₀ = N × B × A × ω = 200 × 0.1 × 0.02 × 314 ≈ 126 V
```

126 V yìí ni ó máa ní nígbà tó bá wà lóòró, bí àtẹ tí òjò kankan kò wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdá mẹ́rin ìyípo kan, tó bá ti wà ní pẹrẹsẹ, òòfà kún inú rẹ̀, fólítéèjì sì di 0 V. Bí ìbéèrè bá fún ọ ní igun, wò ó dáadáa láti ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. E = E₀ sin ωt tọ̀nà bó bá jẹ́ pé ibi pẹrẹsẹ, níbi tí òòfà ti pọ̀ jù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bó bá jẹ́ ibi òòró ni, cos ni kí o lò.

Lenz tún wà níbẹ̀ o. Bí o bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ìta yín lálẹ́, kíyè sí ìgbà tí wọ́n bá so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ á wúwo, ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé ara rẹ̀ sókè. Kọ́rẹ́ǹtì tí áyọ́ọ̀nù ń fà ń ṣe òòfà tirẹ̀ nínú kóìlì, òòfà yẹn sì ń di ohun tó ń yí mú kó má lè yí, ẹ́ńjìnnì wá ní láti jó epo pẹtiróòlù sí i kó lè máa yí i lọ. Ohun kan náà tó mú kí kọ́rẹ́ǹtì tiransifọ́mà rẹ gòkè dé 0.1875 A nígbà tí gílóòbù tàn ni.